Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Tábúlẹ́ẹ̀tì Ọmọ: Àṣírí Rẹ̀, Ibi Tó Wà, àti Àkókò Tó Ń Lò Nídìí Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì tí àwọn òbí máa ń gbé wá bá mi ní Àkúrẹ́ pé kí n bá wọn tì fún ọmọ ló jẹ́ pé ìmeèlì màmá tàbí ti bàbá ni wọ́n fi ṣí i. Ọmọ ọdún 9 ló ń lò ó, àmọ́ àgbàlagbà ni Google kà á sí. Fídíò àgbà ló ń gbé wá fún un, ìpolówó àgbà ló ń fi hàn án, lẹ́tà tí báńkì kọ sí màmá náà ń wọlé síbẹ̀. Kò sí ètò kankan tí ẹ lè ṣe sórí irú tábúlẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ tí yóò múlẹ̀, torí pé ọmọ tí ẹ fẹ́ ṣọ́ kò tíì sí nínú ìwé ẹ̀rọ náà rárá. Àkáǹtì ọmọ fúnra rẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀.

Tábúlẹ́ẹ̀tì Android ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Áàpù tí a ó fi ṣe iṣẹ́ náà ni Google Family Link. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè wà lórí fóònù òbí yálà Android ni tàbí iPhone.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan. Ìyá ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká. Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ilé ìwé rẹ̀ gbà kí wọ́n máa mú tábúlẹ́ẹ̀tì wá fún ẹ̀kọ́. Tí wọ́n bá jáde ní aago 2 ọ̀sán, ilé ìyá àgbà ní Òkè-Àró lọmọ ń lọ, ibẹ̀ ni màmá rẹ̀ á ti wá mú un nígbà tó bá kù díẹ̀ kí aago 6 lù. Tábúlẹ́ẹ̀tì náà kò ní síìmù. Tó bá ti kúrò níbi Wáí-Fáì ilé ìwé, họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù màmá tàbí ti ìyá àgbà ló fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ họ́tísípọ́ọ̀tì yìí sọ́kàn, torí òun ló máa ń ba ètò ọ̀pọ̀ òbí jẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá tábúlẹ́ẹ̀tì náà lè gba Family Link. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá About tablet, kí ẹ wo Android version. Tó bá jẹ́ 7.0 sókè, ó dára. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán àkáǹtì lókè, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ About, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ Play Protect certification. "Device is certified" ni ẹ fẹ́ rí níbẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọdé olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà, àwọn tó ní rọ́bà aláràbarà lára. Òmíràn nínú wọn kò ní ìwé ẹ̀rí yìí, ètò Family Link kì í sì í fìdí múlẹ̀ lórí wọn. Bí ẹ ò bá tíì ra tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí ojú ibẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Bó bá jẹ́ pé àkáǹtì yín ló ti wà lórí rẹ̀, kí ẹ nù ún mọ́ tónítóní ló dára jù. Ẹ kó fọ́tò àti fídíò tó wà níbẹ̀ sí ibòmíràn. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ ibi àkáǹtì, kí ẹ yọ àkáǹtì yín kúrò. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá lọ sí System, Reset options, kí ẹ tẹ Erase all data. Ẹ má fo yíyọ àkáǹtì o. Bí ẹ bá nù ún láìyọ àkáǹtì kúrò dáadáa, tábúlẹ́ẹ̀tì lè béèrè pásíwọ̀ọ̀dù àkáǹtì àtijọ́ yẹn kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé. Mo ti rí àwọn tó gbàgbé tiwọn, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò bá wọn já a.

Àkáǹtì ọmọ

Lórí fóònù yín, ẹ fi Family Link sí i, kí ẹ tẹ̀ lé e láti dá àkáǹtì sílẹ̀ fún ọmọ. Yóò béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ ìbí gidi ni kí ẹ fi síbẹ̀. Àwọn òbí kan máa ń fi ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ kí áàpù kan tó kọ̀ fún un lè gbà, tí wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ orí yẹn ni gbogbo ààbò tó kù dúró lé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 ni Google ń fi sábẹ́ àbójútó òbí. Kì í fi ìpolówó tó ń tọpasẹ̀ ẹni hàn án. Tí ẹ bá ní ọmọ ọdún 9 ti pé ogún ọdún, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín tú gbogbo rẹ̀.

Ní ti orúkọ, orúkọ kan tàbí orúkọ ìnagijẹ ti tó. Kò pọn dandan kí orúkọ bàbá wà níbẹ̀. Kí àwòrán àkáǹtì má sì jẹ́ fọ́tò ọmọ nínú aṣọ ilé ìwé, torí báàjì àyà aṣọ yẹn ń sọ ibi tí wọ́n ti lè rí ọmọ náà láàárín aago 8 sí aago 2, ju bí máàpù èyíkéyìí ṣe lè sọ ọ́ lọ. Èyí kan orúkọ tó ń lò nínú géèmù pẹ̀lú.

Bí tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ nù bá tún tàn, àkáǹtì ọmọ ni kí ẹ fi wọlé. Yóò ní kí òbí fi pásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ẹ fi í kí ọmọ má wo ọwọ́ yín, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ lé e títí yóò fi so mọ́ fóònù yín.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ṣí Family Link lórí fóònù yín, ẹ wọ Controls, ẹ wá orúkọ tábúlẹ́ẹ̀tì náà lábẹ́ ibi ẹ̀rọ. Nǹkan mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ó yẹ kó wà ní pípa: àyè láti fi áàpù tó wá láti ibi tí a kò mọ̀ sórí ẹ̀rọ, àyè láti fi olùlò mìíràn kún un, àti Developer options. Èyí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù nílùú wa, nítorí Xender. Ọmọ lè gba géèmù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsí dátà, láìgba Play Store kọjá, kí ẹ má sì gbọ́ nǹkan kan. Bí àyè yẹn bá wà ní pípa, fáìlì náà lè dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò ní lè di áàpù tó ń ṣiṣẹ́.

Ní ti Play Store fúnra rẹ̀, ẹ yàn án pé gbogbo áàpù ni ọmọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ yín kó tó fi sí i, ìyẹn All content. Ẹ mọ ààlà rẹ̀ o: ọ́pídéètì kò nílò àṣẹ, áàpù tí ẹ ti fọwọ́ sí rí náà kò nílò rẹ̀ mọ́ bí ọmọ bá yọ ọ́ tó sì tún fẹ́ dá a padà. Áàpù tí ẹ kò fẹ́ rí mọ́, ẹ dì í pa pẹ̀lú Block nínú Family Link. Yíyọ nìkan kò tó.

Ètò ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ṣe fún Chrome kò kọjá Chrome. Fún ọmọ ọdún 9, Only allow approved sites ni èmi máa ń yàn, kí n wá fi ojúlé tó nílò fún iṣẹ́ ilé kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí Opera Mini tàbí bíráúsà mìíràn bá wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹnu ọ̀nà mìíràn ló ṣí sílẹ̀ yẹn. Ẹ dì í pa. WhatsApp náà, ọmọ ọdún 13 sókè ni wọ́n ṣe é fún.

Ibi tí ọmọ wà: ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹ má pa á pọ̀

Níbi yìí ni mo ti máa ń lo àkókò jù pẹ̀lú àwọn òbí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé áàpù lè mọ ibi tí ọmọ wà, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á pa Location pátápátá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á ní Family Link kò fi ọmọ hàn wọ́n mọ́. Ohun tí kò yé wọn ni pé ìyọ̀ǹda tí ẹ fún ara yín láti mọ ibi tí tábúlẹ́ẹ̀tì wà yàtọ̀ sí ìyọ̀ǹda tí ẹ fún géèmù láti mọ̀ ọ́n. Ẹ lè jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ wà kí ẹ sì gba èkejì lọ́wọ́ gbogbo áàpù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù yín. Ẹ ṣí Family Link, ẹ tẹ Location, kí ẹ tan ìríran ibi tí ọmọ wà. Yóò tan Location lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ gbé tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ sí Settings, Location, kí ẹ tẹ App location permissions. Lórí àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kan, App permissions ni wọ́n kọ síbẹ̀. Gbogbo áàpù tó ti béèrè ibi tí ọmọ wà ni ẹ ó rí, wọ́n á ti pín wọn sí ọ̀wọ́: àwọn tó ní ìyọ̀ǹda nígbà gbogbo, àwọn tó ní i nígbà tí ọmọ bá ń lò wọ́n, àwọn tó gbọ́dọ̀ béèrè, àti àwọn tí wọ́n kọ̀ fún. Bí ẹ bá tẹ áàpù kan, ẹ lè yí ọ̀wọ́ rẹ̀ padà.

Ẹ bá mi wo tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ Òkè-Àró yìí. Ká ní áàpù márùn-ún ló wà lórí àtòkọ náà. Géèmù tí wọ́n fi ń kun èékánná béèrè ibi tó wà. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Kò sí nǹkan kan nínú kíkun èékánná tó nílò máàpù. Don't allow. Áàpù tọ́ọ̀ṣì náà béèrè. Don't allow, ẹ tiẹ̀ yọ ọ́ kúrò, torí tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní iná tọ́ọ̀ṣì ti ní bọ́tìnì rẹ̀ lókè. Áàpù ojú ọjọ́ lè sọ bóyá òjò fẹ́ rọ̀ bí ẹ bá kọ Akure sínú rẹ̀, nítorí náà Don't allow. Google Maps ṣeé fi sí Allow only while using the app, kí ẹ sì pa Use precise location tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí Android yín bá jẹ́ 12 sókè. Pẹ̀lú ìyẹn, agbègbè ni Maps yóò mọ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé. Èyí karùn-ún ni Kámẹ́rà, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Bí Kámẹ́rà bá ní ìyọ̀ǹda ibi tó wà, ó lè kọ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò sínú fọ́tò náà. Ẹ kò ní rí i lójú fọ́tò, àmọ́ ó wà nínú fáìlì rẹ̀. Bí ọmọ bá ya àwòrán ológbò ìyá àgbà, tó sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ibi tí ilé ìyá àgbà wà lè bá a lọ. Ẹ ṣí Kámẹ́rà, ẹ wọ ètò rẹ̀, kí ẹ pa Save location tàbí Location tags, lẹ́yìn náà ẹ wá fi Kámẹ́rà sí Don't allow nínú àtòkọ tí a ń wò yìí. Láti dán an wò, ẹ ya fọ́tò kan, ẹ ṣí i nínú Google Photos, kí ẹ fi ìka fa á sókè. Kò yẹ kí máàpù kankan yọ lábẹ́ rẹ̀. Fọ́tò tí ọmọ ti yà tẹ́lẹ̀ ṣì ní tiwọn nínú o.

Orúkọ kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, òun ni Google Play services. Ara ohun tí ẹ̀rọ fi ń rí ara rẹ̀ ni. Bí ẹ bá gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀, Family Link fúnra rẹ̀ lè fọ́jú.

Bí ẹ bá ti parí Location, ẹ lọ sí Permission manager, kí ẹ fi irú ojú kan náà wo Microphone, Camera àti Contacts. Áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ ìwé kíkà lè nílò Microphone nítorí ọmọ ń ka nǹkan sí i létí. Géèmù mọ́tò kò nílò rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni ẹ ó máa bi ara yín: kí ni áàpù yìí ń ṣe tí kò lè ṣe láìsí èyí? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ padà sínú Family Link, sí ibi ìyọ̀ǹda áàpù lábẹ́ ètò tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ẹ yàn án pé òbí nìkan ló lè yí i padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ tí géèmù bá tún béèrè, ọmọ á tẹ Allow kí eré lè tètè bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí máàpù Family Link lè sọ, àti èyí tí kò lè sọ

Màmá wà ní Alágbàká, ó di aago 4 ààbọ̀, ó ṣí Location. Ó rí àmì ọmọ rẹ̀ nítòsí ilé ìwé. Àyà rẹ̀ já. Kó tó sáré jáde, ó yẹ kó wo àkókò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé aago 2 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n rí tábúlẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn, ìyẹn ni pé ibi tó wà nígbà yẹn ni màmá ń wò. Láti ìgbà tí ọmọ ti kúrò níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, tábúlẹ́ẹ̀tì kò rí ọ̀nà fi iṣẹ́ jẹ́. Ó lè ti wà lórí tábìlì ìyá àgbà láti bíi wákàtí méjì. Kí màmá pe ìyá àgbà:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Ṣé ọmọ ti dé?"

"Ó ti dé tipẹ́, ó ti jẹun. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan họ́tísípọ́ọ̀tì yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀."

Bí họ́tísípọ́ọ̀tì bá ti tàn, tí tábúlẹ́ẹ̀tì sì ti wọlé sí i, kí màmá tẹ àmì ìtúnwò lórí máàpù. Àmì ọmọ á sún sí Òkè-Àró.

Nǹkan kejì ni òbìrìkìtì tó máa ń yí àmì náà ká. Bí òbìrìkìtì bá kéré, ẹ̀rọ mọ ibi tó wà dáadáa. Bó bá tóbi, ó ń fojú díwọ̀n ni, ọmọ sì lè wà níbikíbi nínú rẹ̀. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kan tí kò ní síìmù kò ní GPS, Wáí-Fáì tó wà láyìíká ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ní àdúgbò tí Wáí-Fáì ò pọ̀, òbìrìkìtì lè bo ọ̀pọ̀ òpópónà. Ẹ má fi irú òbìrìkìtì bẹ́ẹ̀ bi ọmọ pé "Kí lo lọ ṣe nílé alábàágbé?"

Ẹ lè fi orúkọ ilé ìwé, ilé yín àti ilé ìyá àgbà sínú máàpù náà kó máa sọ fún yín nígbà tí ọmọ bá dé tàbí tó bá kúrò. Fún tábúlẹ́ẹ̀tì tó ní síìmù, ó wúlò gan-an. Fún èyí tó ń gbára lé họ́tísípọ́ọ̀tì, mo máa ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, torí ìró rẹ̀ á máa pẹ́ dé, á sì máa dáyà fo wọn lásán. Ìpè sí ìyá àgbà dájú jù ú lọ. Ẹ sì rántí pé tábúlẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ ń rí. Ọmọ lè fi í sílẹ̀ sínú mọ́tò kó lọ síbòmíràn.

Àkókò

Nínú Family Link, ẹ tẹ Screen time. Ohun mẹ́ta ni ẹ ó bá pàdé. Daily limit ni iye wákàtí tí ọmọ lè lò lóòjọ́. Downtime ni ìgbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ sùn. School time ni ìgbà tó jẹ́ pé kìkì àwọn áàpù tí ẹ yàn ló lè ṣí.

Kí ẹ tó fi nọ́ńbà kankan síbẹ̀, ẹ kọ bí ọjọ́ ọmọ ṣe ń lọ sórí ìwé. Ti ọmọ wa yìí rèé. Ó máa ń jí ní aago 6, aago 7 ààbọ̀ ló ń wọ kíláàsì, aago 2 ló ń jáde. Ó ń jẹun, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé dé nǹkan bí aago 4. Láti aago 4 dé aago 6 ló ráyè. Aago 8 alẹ́ ló yẹ kó máa múra àtisùn.

Nítorí náà, School time: ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, aago 7 ààbọ̀ àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Mo nà án kọjá àkókò ilé ìwé kó lè bo iṣẹ́ ilé. Áàpù tí a gbà láàyè nígbà yẹn ni atúmọ̀ èdè, ẹ̀rọ ìṣírò àti áàpù ẹ̀kọ́ tí ilé ìwé ń lò. Daily limit: wákàtí kan láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, wákàtí méjì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wákàtí kan ààbọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Downtime: aago 8 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, lójoojúmọ́. Bí iná bá dé ní aago 10 alẹ́, ẹ lè fi tábúlẹ́ẹ̀tì sí iná. Yóò gba iná bó ṣe wà ní títì, kò sì sí àǹfààní fún ọmọ láti jí dìde wá wo fídíò.

Lábẹ́ App limits, ẹ lè fún áàpù kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. YouTube Kids lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú wákàtí kan yẹn, kí èyí tó kù wà fún nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ náà ni Always allowed wà, ẹ sì ṣọ́ra fún un. Áàpù tí ẹ bá fi sí Always allowed kì í jẹ nínú Daily limit, ó sì máa ń ṣí kódà bí àkókò bá ti tán. Bíbélì, Kùránì tàbí atúmọ̀ èdè dára níbẹ̀. Bí ẹ bá fi bíráúsà sí i, gbogbo ohun tí ẹ ti ń ṣe bọ̀ ti já. Bí òbí kan bá sọ fún mi pé "Àkókò ti tán, síbẹ̀ ó ṣì ń wo nǹkan," ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Kí ètò tó ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì

Ohun tí ẹ bá yí padà lórí fóònù yín máa ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá kó tó dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì kò bá sí lórí ìlà, ètò àná ló ṣì ń tẹ̀ lé. Èyí tó ti dé tẹ́lẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ láìsí dátà: bí aago 8 bá lù, á ti ara rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n bí màmá bá wà ní Alágbàká tó fún ọmọ ní Bonus time ìdajì wákàtí nítorí ó gba máàkì tó dáa, ìdajì wákàtí yẹn kò ní dé títí ìyá àgbà yóò fi tan họ́tísípọ́ọ̀tì. Ọmọ á máa sunkún, ìyá àgbà á máa bínú, màmá á ní òun ti ṣe é.

Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni Parent access code. Ó wà nínú àtòkọ tó wà lókè Family Link lórí fóònù yín. Ó ń ṣiṣẹ́ bí tábúlẹ́ẹ̀tì kò bá tilẹ̀ ní dátà rárá. Màmá á pe ìyá àgbà, á ka nọ́ńbà náà fún un, ìyá àgbà á tẹ̀ ẹ́ sójú tábúlẹ́ẹ̀tì tó tì, níbi tí wọ́n kọ Parent access sí. Kóòdù náà máa ń yí padà, nítorí náà èyí tí ọmọ bá rántí kò ní ràn án lọ́wọ́ pẹ́. Síbẹ̀, ìyá àgbà ni kó tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọmọ.

Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò nílé kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ yan ìrọ̀lẹ́ kan tí àyè wà.

1. Ẹ tan họ́tísípọ́ọ̀tì, kí tábúlẹ́ẹ̀tì wọlé sí i. Ẹ yí Downtime ọjọ́ yẹn padà kó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i.
2. Ẹ dúró díẹ̀ kí ètò náà dé, kí ẹ wá pa họ́tísípọ́ọ̀tì.
3. Bí àkókò bá pé, tábúlẹ́ẹ̀tì yẹ kó tì fúnra rẹ̀. Bí kò bá tì, ètò kò dé: ẹ tan họ́tísípọ́ọ̀tì padà, kí ẹ rí i pé àkáǹtì ọmọ ló wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì wo aago rẹ̀ nínú Date & time bóyá ó bá tiyín mu.
4. Ẹ mú Parent access code jáde lórí fóònù yín, kí ẹ fi ṣí i láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ kí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan.
5. Ẹ dá Downtime padà sí aago 8.

Ohun kan tí kò jọ mọ́ ààbò àmọ́ tó máa ń dun àwọn òbí: tábúlẹ́ẹ̀tì ka họ́tísípọ́ọ̀tì yín sí Wáí-Fáì gidi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi dátà yín ṣe ọ́pídéètì. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ sí orúkọ họ́tísípọ́ọ̀tì nínú Wi-Fi, ẹ wá Network usage, kí ẹ yan Treat as metered. Tí dátà bá ń yára tán, ẹ ó máa pa họ́tísípọ́ọ̀tì kíákíá, ètò ò sì ní máa dé.

Ohun tí ẹ ó sọ fún ọmọ

Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún un. Àbójútó yìí kò farasin: tábúlẹ́ẹ̀tì á sọ fún ọmọ pé òbí ń ṣọ́ àkáǹtì rẹ̀, ọmọ náà sì lè rí ohun tí òbí ń rí. Family Link kì í sì í ka ìwé tí ọmọ bá kọ sí ẹlòmíràn fún yín. Ọmọ ọdún 9 á béèrè, ìdáhùn tó ṣe tààrà ló sì ń tẹ́ ẹ lọ́rùn:

"Mọ̀ọ́mì, ṣé ẹ ń rí mi ni?"

"Mi ò rí ọ. Ibi tí tábúlẹ́ẹ̀tì wà ni mò ń rí, àti iye àkókò tí o lò nídìí áàpù kọ̀ọ̀kan. Bí géèmù kan bá bi ọ́ pé níbo lò ń gbé, tàbí orúkọ ilé ìwé rẹ, má dá a lóhùn, pè mí."

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ jókòó ti ọmọ, kí ẹ jọ ṣí App location permissions. Ẹ wá orúkọ tuntun tí kò sí níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, kí ẹ bi í pé kí ni áàpù yẹn ń ṣe. Ẹ tún wo Screen time láti mọ áàpù tó ń jẹ àkókò jù. Tí wákàtí kan bá ti ń tán lójoojúmọ́ nígbà tó bá fi máa di aago 5, tó sì jẹ́ pé áàpù ìwé kíkà ló ń jẹ ẹ́, ìwọ̀n áàpù ni ẹ ó tún ṣe, ẹ jẹ́ kí Daily limit wà bó ṣe wà.

Bí àkókò bá tó tí tábúlẹ́ẹ̀tì yóò bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ẹ má gbé e fún un bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ àkáǹtì ẹ̀gbọ́n kúrò, ẹ nù ún, kí ẹ dá àkáǹtì sílẹ̀ fún àbúrò pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tirẹ̀, torí ètò tó bá ọmọ ọdún 9 mu ti ṣí sílẹ̀ jù fún ọmọ ọdún 5.